Ìbéèrè àkọ́kọ́, ìbéèrè àtakò àti àtúnbéèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí

Ìbéèrè àkọ́kọ́, ìbéèrè àtakò àti àtúnbéèrè ni ìpele mẹ́ta tí ilé-ẹjọ́ ní Nàìjíríà ń tọ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ń fẹnu jẹ́rìí. Agbẹjọ́rò tó pe ẹlẹ́rìí ni ó kọ́kọ́ ń bi í ní ìbéèrè. Agbẹjọ́rò apá kejì a tẹ̀ lé e láti dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹni tó pè é lè tún bi í ní ìbéèrè láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ìbéèrè àtakò mú jáde. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni ó fi ìlànà wọn lélẹ̀, ní abala 214 sí 221 àti àwọn abala tó tẹ̀ lé e. Òfin yìí ni ó rọ́pò èyí tó wá láti ara Òfin Ẹ̀rí ìgbà ìjọba amúnisìn, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1943, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1945.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, ààlà náà kò sì jọra. Ní ìbéèrè àkọ́kọ́, bí a ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ ni òfin ń ṣọ́. Ní ìbéèrè àtakò, òfin tú okùn ọ̀nà ìbéèrè sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ẹrù mìíràn lé agbẹjọ́rò lórí. Ní àtúnbéèrè, ọ̀nà ìbéèrè àti ohun tí a lè béèrè nípa rẹ̀ ni òfin jọ ń ṣọ́ pọ̀. Ẹjọ́ àpẹẹrẹ kan ni a ó fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí nínú àyọkà yìí.

## Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí òfin là kalẹ̀

Abala 214 sọ ohun tí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́. Abala 215 sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: ìbéèrè àkọ́kọ́ ni yóò ṣáájú, bí apá kejì bá fẹ́, ìbéèrè àtakò yóò tẹ̀ lé e, bí ẹni tó pe ẹlẹ́rìí bá sì fẹ́, àtúnbéèrè yóò parí rẹ̀. Kò pọn dandan kí ìpele kejì tàbí ìkẹta wáyé. Agbẹjọ́rò tó bá rí i pé ẹlẹ́rìí kò ba ẹjọ́ òun jẹ́ lè dìde, kí ó sọ pé òun kò ní ìbéèrè, kí ó sì jókòó.

Abala 215 kan náà sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ àti ìbéèrè àtakò gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ohun tó kan ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè àtakò kò gbọdọ̀ dúró dandan sórí ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ní ìpele àkọ́kọ́ nìkan. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè láti sọ nípa ọjọ́ kan ṣoṣo ni apá kejì lè bi léèrè nípa ọjọ́ mìíràn, bí ọjọ́ náà bá kan ẹjọ́. Àtúnbéèrè kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Àlàyé lórí ohun tó jẹyọ nínú ìbéèrè àtakò ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀tọ́ láti bi ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè wà nínú ìwé òfin àgbà ti ọdún 1999 pẹ̀lú, ní abala 36, ìlà kẹfà. Bí wọ́n bá sì fẹ̀sùn kan ènìyàn ju ẹyọ kan lọ pọ̀, abala 216 ní kí wọ́n fún olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti bi ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè kí àtúnbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.

## Ohun tí ìbéèrè atọ́nà jẹ́

Abala 221 pe ìbéèrè tó ń fi ìdáhùn tí olùbéèrè fẹ́ tàbí tó ń retí han ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè atọ́nà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé agbẹjọ́rò ni ó ń jẹ́rìí, ẹlẹ́rìí kàn ń mi orí sí i ni. Agbẹjọ́rò kò búra, kò sì sí níbi ìṣẹ̀lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ wá kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́rìí gbà á wọlé.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ìbéèrè tí a lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” dáhùn ni ìbéèrè atọ́nà. Èyí kò tọ̀nà. “Ṣé ẹ mọ olùjẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀?” jẹ́ ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” tó láti dáhùn, ṣùgbọ́n kò sọ èyí tí olùbéèrè ń fẹ́. Ní ìdà kejì, ìbéèrè tí kò ṣeé fi “bẹ́ẹ̀ ni” dáhùn lè jẹ́ atọ́nà. Bí agbẹjọ́rò bá béèrè pé “Kí ni ẹ ṣe nígbà tí olùjẹ́jọ́ gbá yín létí?”, nígbà tí ẹlẹ́rìí kò tíì sọ pé ẹnikẹ́ni gbá òun létí, ó ti fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí pamọ́ sínú ìbéèrè rẹ̀. Ohun yòówù kí ẹlẹ́rìí fi dáhùn, ó ti gbà pé wọ́n gbá òun létí.

Ìdánwò tó wúlò jù ni láti bi ara ẹni pé: bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ bá gbọ́ ìbéèrè yìí nìkan, ǹjẹ́ yóò mọ ìdáhùn tí agbẹjọ́rò ń wá? Bí yóò bá mọ̀ ọ́n, ìbéèrè náà jẹ́ atọ́nà. Bí ó bá kàn mọ kókó tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe atọ́nà. Òfin kò kọ̀ kí agbẹjọ́rò darí ẹlẹ́rìí sí kókó ọ̀rọ̀.

## Ẹjọ́ àpẹẹrẹ: ìjàǹbá ọkọ̀ nítòsí ọjà Bódìjà

Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé yìí jẹ́ èyí tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìkan. Ìjọba pe awakọ̀ takisí Máíkírà kan lẹ́jọ́ sí Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì tó wà ní Ìyágankú, Ìbàdàn, pé ó wa ọkọ̀ lọ́nà eléwu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo méje ku ìṣẹ́jú márùndínlógún, Máíkírà náà ń bọ̀ láti Agbowó, ó sì forí sọ ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ nítòsí ọjà Bódìjà. Ẹsẹ̀ ọlọ́kadà dá.

Kò sí àríyànjiyàn nípa ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wa ọkọ̀, tàbí pé ọkọ̀ méjèèjì forí sọra. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìjọba ní Máíkírà ni ó fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ tó sì bọ́ sí ọ̀nà ọ̀kadà. Olùjẹ́jọ́ ní ọ̀kadà ni ó fẹ́ ṣáájú ọkọ̀ akẹ́rù kan, tó sì fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ojú ọ̀nà òun. Ẹlẹ́rìí tó ṣe kókó ni ìyá kan tó ń ta ata ní etí ọ̀nà. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, èyí tí ọlọ́pàá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ sílẹ̀, ó ní òun ń wọn ata fún oníbàárà, òun gbọ́ ariwo, òun sì gbójú sókè.

## Ìbéèrè àkọ́kọ́

Agbẹjọ́rò ìjọba ni ó pe ìyá aláta. Ó lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Màmá, ẹ ń ta ata nítòsí ọjà Bódìjà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Ìbéèrè atọ́nà ni èyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Abala 221 pàṣẹ pé kí ilé-ẹjọ́ gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láàyè lórí ọ̀rọ̀ ìṣíde, ọ̀rọ̀ tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹjọ́ gbà pé wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tó. Orúkọ ẹlẹ́rìí, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ó ń gbé, ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ àti wí pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ wà lára irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí agbẹjọ́rò bá yára kọjá lórí wọn, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì dín àkókò kù.

Ibi tí ọ̀nà ti yí ni ibi tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá ti dé orí ohun tí ó rí, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ yí ohùn ìbéèrè rẹ̀ padà:

– Níbo ni ẹ wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà?
– Mo wà nídìí ata mi, ní etí títì.
– Kí ni ó ṣẹlẹ̀?
– Mo ń wọn ata. Mo gbọ́ ariwo, mo gbójú sókè, mo sì rí Máíkírà.
– Apá ibo ni títì ni Máíkírà náà wà nígbà tí ẹ rí i?
– Apá ibi tí ọ̀kadà ń gbà bọ̀ ni.
– Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀?
– Ó kọ lu ọlọ́kadà.

Kò sí ìbéèrè atọ́nà kankan nínú èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò rí ohun tí ó ń wá. “Apá ibo ni títì” darí ẹlẹ́rìí sí kókó, ṣùgbọ́n kò sọ apá tí ó yẹ kí ó mú. Ká ní ó béèrè pé “Ǹjẹ́ ẹ rí i pé Máíkírà ti fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ tó sì wọ ọ̀nà ọlọ́kadà?”, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ì bá dìde lójú ẹsẹ̀.

Àkókò tí wọ́n dìde ṣe pàtàkì. Kí ẹlẹ́rìí tó dáhùn ni ó yẹ kí agbẹjọ́rò sọ àtakò rẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn bá ti jáde, adájọ́ lè ní kí wọ́n tún ìbéèrè gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìbéèrè kejì tó mọ́ kò lè gbàgbé èyí àkọ́kọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìpalára náà sì máa ń padà sórí ẹni tó béèrè: adájọ́ tó gbọ́ bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu kì í fi ìwọ̀n kíkún gbé ọ̀rọ̀ náà. Agbẹjọ́rò tó ń tọ́ ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ń sọ ẹ̀rí tirẹ̀ di fífúyẹ́.

### Nígbà tí ẹlẹ́rìí bá yíjú padà

Nígbà mìíràn, ẹlẹ́rìí á dé ilé-ẹjọ́, á sì sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n retí. Ohun méjì ni èyí lè jẹ́. Ẹlẹ́rìí lè gbàgbé, tàbí kí ó sọ òtítọ́ tí kò ran ẹni tó pè é lọ́wọ́. Èyí kò tó ìdí láti gbógun tì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá hàn sí ilé-ẹjọ́ pé ẹlẹ́rìí ti mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí ẹni tó pè é, tí kò fẹ́ sọ òtítọ́ mọ́, abala 230 fún ẹni tó pè é láyè láti fi ẹ̀rí mìíràn ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí, pẹ̀lú àṣẹ ilé-ẹjọ́, láti fi hàn pé ó ti sọ ohun tó yàtọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà yìí ni ilé-ẹjọ́ lè fún un láyè láti bi ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ní ìbéèrè atọ́nà. Àṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Agbẹjọ́rò kò lè dá ara rẹ̀ láṣẹ.

## Ìbéèrè àtakò

Abala 221 sọ ọ́ ní kúkúrú pé a lè béèrè ìbéèrè atọ́nà nínú ìbéèrè àtakò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí kì í ṣe ti olùbéèrè. Kò sí ìbẹ̀rù pé yóò gba ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu láìronú, àyàfi bí ó bá jẹ́ òtítọ́. Abala 223 tún fi kún un pé a lè béèrè ohun tí yóò dán òótọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wò, tí yóò fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn, tàbí tí yóò mi ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú rẹ̀. Òmìnira yìí ní ìpẹ̀kun: abala 227 àti 228 fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti dá ìbéèrè tó kún fún ìwà àìtọ́, ìtìjú tàbí ìwọ̀sí dúró.

Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ka ọ̀rọ̀ ìyá aláta tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun lè lò. Ó mú un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan:

– Màmá, ẹ ń wọn ata fún oníbàárà, àbí?
– Bẹ́ẹ̀ ni.
– Ẹni tó bá ń wọn ata, inú igbá ata ni ó ń wò, kì í ṣe títì?
– Bẹ́ẹ̀ ni.
– Ohun tó mú yín gbójú sókè ni ariwo tí ẹ gbọ́?
– Bẹ́ẹ̀ ni.
– Kí ẹ tó gbọ́ ariwo náà, ẹ kò wo títì?
– N kò wò ó.

Ó dákẹ́ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó fẹ́ kí adájọ́ rò ni pé ariwo náà ni ti ìkọlù, pé ìjàǹbá ti parí kí ìyá náà tó gbójú sókè, àti pé ibi tí ó rí Máíkírà sí jẹ́ ibi tí ìkọlù gbé e sí, kì í ṣe ibi tí awakọ̀ wà á gbà. Ìdí tí kò fi béèrè síwájú ni pé kò mọ ohun tí ìyá náà yóò sọ. Bí ó bá béèrè pé “Báwo wá ni ẹ ṣe mọ̀ pé Máíkírà ni ó fi ọ̀nà sílẹ̀?”, ó ti fún ẹlẹ́rìí láyè láti ṣàlàyé, àlàyé náà sì lè wó gbogbo ohun tí ó kọ́.

Bí agbẹjọ́rò bá fẹ́ fi ìwé ọlọ́pàá náà ta ko ẹlẹ́rìí, abala 232 là á lọ́nà. Ó lè bi í léèrè nípa ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ láìfi ìwé náà hàn án. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè fi ìwé náà jẹ́rìí ìtakora, ó gbọ́dọ̀ pe àkíyèsí ẹlẹ́rìí sí apá gan-an tí ó fẹ́ lò. Bí ó bá kàn na ìwé sí adájọ́ tó ní “Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀”, láìjẹ́ kí ẹlẹ́rìí fèsì sí ìlà náà, kò tíì ṣe ohun tí òfin ní kí ó ṣe.

### Ẹrù tó wà lórí olùbéèrè àtakò

Ohun kan ṣì kù tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹjọ́ tirẹ̀ ni pé ọ̀kadà ń ṣáájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó gbọ́dọ̀ gbé e síwájú ìyá aláta, kódà bí ó bá mọ̀ pé yóò sẹ́ ẹ: “Mo ń sọ fún yín, Màmá, pé ọlọ́kadà ni ó fẹ́ ṣáájú ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì bọ́ sí iwájú Máíkírà.” Bí ìyá náà bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọn kò bá béèrè rárá, tí awakọ̀ sì wá sọ ọ́ nígbà tó bá ń jẹ́jọ́ tirẹ̀, adájọ́ yóò ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí wọn kò bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Ìlànà yìí gbajúmọ̀ láti inú ẹjọ́ Browne àti Dunn, tí Ilé Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1893. Wọ́n jẹ́rìí níbẹ̀ pé ìwé tí àwọn kan buwọ́ lù láti gba Dunn ṣe agbẹjọ́rò wọn jẹ́ ìwé òtítọ́. Agbẹjọ́rò Browne kò bi àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí léèrè pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n wá sọ lẹ́yìn náà pé ìwé náà kì í ṣe òótọ́. Àwọn adájọ́ àgbà ní kò tọ́ láti pe ènìyàn ní òpùrọ́ láìfún un láyè láti fèsì nígbà tí ó wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà tẹ̀ lé irú ìrònú yìí nínú ẹjọ́ Oforlete àti Ìjọba ní ọdún 2000 àti ti Gaji àti Paye ní ọdún 2003: ọ̀rọ̀ pàtàkì tí apá kejì kò bi ẹlẹ́rìí léèrè nípa rẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ lè kà sí èyí tí wọ́n gbà. Kì í ṣe ìdè tí kò ní ìtúsílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò ní gba ohun tí ọgbọ́n kò lè gbé wọlé kìkì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ta kò ó. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tó dákẹ́ lórí kókó ẹjọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹrù náà di wíwúwo.

## Àtúnbéèrè

Agbẹjọ́rò ìjọba tún dìde. Òfin fi ààlà méjì dí i. Èkíní, ohun tó jáde nínú ìbéèrè àtakò nìkan ni ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí. Èkejì, kò lè lo ìbéèrè atọ́nà láìgba àṣẹ, nítorí ẹlẹ́rìí tirẹ̀ náà ni.

Ibi tó rúni lójú ni ọ̀rọ̀ náà, “ariwo”. Ìbéèrè àtakò lò ó, ṣùgbọ́n kò sọ irú ariwo tó jẹ́. Ìhín gan-an ni àtúnbéèrè ti wúlò:

– Màmá, ẹ sọ fún agbẹjọ́rò pé ariwo ni ó mú yín gbójú sókè. Ariwo kí ni?
– Ariwo fèrè ọ̀kadà ni. Ó ń fọn ọ́n kíkankíkan.
– Nígbà tí ẹ gbójú sókè, kí ni ọkọ̀ méjèèjì ń ṣe?
– Wọn kò tíì kọlura. Máíkírà ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́kadà tààrà.

Ìdáhùn méjì yìí yí ẹjọ́ padà. Ariwo fèrè ni, kì í ṣe ti ìkọlù. Nítorí náà, ìyá náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọkọ̀ tó forí sọra. Agbára wọn wá láti inú bí wọ́n ṣe béèrè wọn. Ká ní agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé “Ariwo fèrè ni ẹ gbọ́, àbí?”, ìyá náà ì bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” kan náà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ì bá sọ fún adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ pé ẹnu agbẹjọ́rò ni fèrè náà ti jáde. Ìdáhùn kan náà, ìwọ̀n méjì.

Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ì bá ti dí àlàfo yìí ní ìpele kejì nípa bíbéèrè pé “Ariwo ìkọlù ni ẹ gbọ́?” Ewu wà níbẹ̀, nítorí ìyá náà lè sọ̀rọ̀ fèrè nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì sílẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn àtúnbéèrè sílẹ̀. Irú ìyàn yìí ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìpele kejì: ohun tí òun bá fi ọwọ́ kàn ni apá kejì lè padà sí.

Ká wá ní agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ béèrè bóyá awakọ̀ ń fi fóònù sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kò sí ẹni tó dárúkọ fóònù nínú ìbéèrè àtakò. Ọ̀rọ̀ tuntun ni, kò sì sí nínú àlàyé. Abala 215 sọ pé ó lè gbé e wọlé bí ilé-ẹjọ́ bá fún un láṣẹ. Bí ó bá sì rí àṣẹ gbà, apá kejì ní ẹ̀tọ́ láti tún bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè àtakò lórí fóònù náà. Àtúnbéèrè kì í ṣe àyè láti tún ohun tí wọ́n gbàgbé ní ìpele àkọ́kọ́ ṣe.

## Ìbéèrè atọ́nà nínú èdè Yorùbá

Ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́rìí nípasẹ̀ ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́. Ní Ìbàdàn, ìbéèrè tí agbẹjọ́rò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè lè di ohun mìíràn kí ó tó dé etí ẹlẹ́rìí. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ń gbé ìrètí olùbéèrè jáde. “Ṣé” àti “ǹjẹ́” kì í fi apá kan hàn fúnra wọn. “Ṣebí” ń sọ pé olùbéèrè ti mọ ìdáhùn. “Àbí” ní òpin gbólóhùn ń wá ìfọwọ́sí. Bí agbẹjọ́rò bá béèrè ohun tó mọ́, tí ògbufọ̀ sì fi “ṣebí” túmọ̀ rẹ̀, ìbéèrè atọ́nà ni ẹlẹ́rìí gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ adájọ́ kò ní fi hàn.

Ọ̀rọ̀ “ni” náà gba ìṣọ́ra. “Ṣé Máíkírà fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀?” ń béèrè bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀. “Ṣé Máíkírà ni ó fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀?” ti gbà pé ẹnì kan fi ọ̀nà sílẹ̀, ẹni tó ṣe é nìkan ni ó kù. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí lè yípadà nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. “Ariwo” inú ìwé ọlọ́pàá lè di ìró ìkọlù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá aláta sì wá dúró níwájú ilé-ẹjọ́ láti dáhùn fún ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Agbẹjọ́rò tó gbọ́ èdè méjèèjì gbọ́dọ̀ dìde nígbà tí ìtumọ̀ bá yà kúrò lọ́nà, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe dìde sí ìbéèrè atọ́nà.

## Ìjẹ́rìí kíkọ nínú ẹjọ́ owó àti ilẹ̀

Nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ọ̀pọ̀ ilé-ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà ń lo ìjẹ́rìí tí ẹlẹ́rìí ti kọ tó sì ti búra sí kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rìí á wọ àpótí, á búra, á dá ìwé rẹ̀ mọ̀, á sì gbà pé òun ni ó ni ín. Ìyẹn ti di ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì kù kí ìbéèrè àtakò bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ wo ìgbẹ́jọ́ ilẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ gíga tó wà ní Ríìngì Róòdù kì í sábà gbọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ tó gùn.

Ewu ìbéèrè atọ́nà kò lọ. Ó kàn sá wọ inú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni. Kò sí ẹni tó lè ta ko ìbéèrè tí wọ́n ti bi ẹlẹ́rìí níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni nígbà tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá lo gbólóhùn kan náà lórí kókó kan náà, tàbí tí ẹni tí kò kàwé bá ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò nínú ìwé rẹ̀. Ìbéèrè àtakò ni ó ń tú irú rẹ̀ wò: a ó ní kí ẹlẹ́rìí fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó rí, láìwo ìwé. Bí ó bá rí i lóòótọ́, yóò ní àwọn ohun kéékèèké láti fi kún un tí kò sí nínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí fèrè tí ìyá aláta gbọ́ ní Bódìjà.